Ọjọ́ Méje Tí Mo Pè Ní Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ní Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹwàá 2020, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù tí bàbá tó ń ṣọ́ géètì ilé ẹ̀kọ́ wa fi pè mí lórí fóònù. "Màdámù, ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi níbí o. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn." Mo bi í pé ṣé kò sọ fún ọmọ náà pé ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà ní títì ni. Ó ní òun sọ, àmọ́ ọmọ ní létà wà lọ́wọ́ òun, pírínsípà ló sì fọwọ́ sí i.

Èmi ni mo fọwọ́ sí i lóòótọ́.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú èyí, 19 Oṣù Kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá SARS ti wà ní ojú pópó káàkiri Èkó fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mọ́tò kò rọ́nà gbà. Ìdajì àwọn olùkọ́ wa ló fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan kò sì dé títí aago mẹ́wàá fi lù. Nígbà tó di ọ̀sán, mo pinnu pé kí a dá àwọn ọmọ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo tẹ létà kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ 220, a sì fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nítorí ọ̀nà tí kò dára, a ó sinmi fún ìyókù ọ̀sẹ̀ náà, a ó sì wọlé ní Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹwàá.

Ta ló sọ ọjọ́ yẹn fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo kàn rò pé ọ̀sẹ̀ kan á tó ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tì, wọn kò sì dá ọjọ́ tí a ó ṣí i. Ní ọjọ́ kejì, ìyẹn Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 20 Oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìbọn ró ní Lẹ́kkí. Kò sí ẹni tó wà ní Èkó nígbà náà tó nílò kí n ròyìn alẹ́ yẹn fún un.

Mo ṣe ohun tí mo rò pé ó tọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ sórí Wáàsáàpù àwọn òbí pé ọjọ́ tí mo dá kò dúró mọ́, kí wọ́n máa retí ìkéde ìjọba. Àwọn òbí dáhùn pé "A ti rí i mà", "Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa mà". Ọkàn mi balẹ̀. Mi ò ronú pé orí bébà ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbà lọ sínú ilé 214, tí àtúnṣe rẹ̀ sì gba orí fóònù lọ sínú ilé tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ tó dúró sí géètì yẹn ń ta ata lọ́jà. Fóònù kékeré olóníbọ́tìnnì ló ń lò. Ọmọ ló ka létà fún un nílé ní 19, òun náà sì fi ọjọ́ náà sọ́kàn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò pé ilé ìwé ò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ó ní "ti àwọn aládùúgbò yàtọ̀, ilé ìwé tiwa ti kọ̀wé sí wa." Ó gba létà mi gbọ́ ju ariwo àdúgbò lọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Bàbá géètì ló sin ọmọ náà padà sọ́jà. Èmi pe ìyá rẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ má bínú Màdámù, èmi ni ò tún béèrè." Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀. Mo sì gbé bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ilé tí kò sí lórí Wáàsáàpù. Wọ́n jẹ́ 38.

Mo ti yẹ kí n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2014, nígbà àrùn Ebólà, igbákejì pírínsípà ni mí. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ní kí ilé ẹ̀kọ́ má wọlé títí di 13 Oṣù Kẹwàá. Nígbà tó yá, wọ́n fà á padà sẹ́yìn sí 22 Oṣù Kẹsàn-án. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tòun ó di 8 Oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún táàmù kan ṣoṣo. Ọ̀gá mi ìgbà náà kò kọ ìkankan nínú wọn sínú létà títí tí ti Èkó fi jáde. Àwọn òbí ń bínú sí i pé kò dá àwọn lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún wọn, pé ọjọ́ tí kò sí lọ́wọ́ òun, òun ò ní pín in fún ẹnikẹ́ni. Mo rò nígbà yẹn pé agídí ni.

Nígbà tí ìjọba wá kéde pé kí a wọlé ní Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kọkànlá, létà tuntun di dandan, nítorí kàlẹ́ńdà táàmù ti fọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé a ti pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú létà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú: "nítorí ọ̀sẹ̀ méjì tí a pàdánù". Igbákejì mi kà á, ó ní, "Màdámù, ṣé ẹ ti kà á?" Mo ní kí ni mo fẹ́ kà, ọ̀sẹ̀ méjì sáà ni ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fa kàlẹ́ńdà ara ògiri sílẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà.

A lọ sí ilé ìwé ní Ọjọ́ Ajé 19, nítorí náà kò sí nínú rẹ̀. Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 20 dé Ọjọ́ Ẹtì 30, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ 29 jẹ́ ọlidé ọdún Màólúdì tí ìjọba àpapọ̀ kéde, a kì bá tí lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ náà bí ìlú tilẹ̀ tòrò. Àwa náà sì ti fi Ọjọ́bọ̀ yẹn àti Ọjọ́ Ẹtì 30 ṣe ìsinmi ààrin táàmù nínú kàlẹ́ńdà wa láti Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ yọ méjì kúrò nínú mẹ́sàn-án, ó ku méje.

Ọjọ́ méje ni a pàdánù. Ìyàtọ̀ méje sí mẹ́wàá kì í ṣe ohun kékeré fún òbí tó fẹ́ mọ ìgbà tí táàmù ó parí. Bí mo bá kọ "ọ̀sẹ̀ méjì", wọn ì bá retí pé a ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, yóò sì wọ inú Kérésìmesì.

Nígbà náà ni olùkọ́ ìṣirò wa, tó tún ń to ètò iṣẹ́ kíláàsì, sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí. Ó ní ọjọ́ méje yìí kò dọ́gba. Ó kọ wọ́n sílẹ̀: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ìṣẹ́gun fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, Ọjọ́rú lẹ́ẹ̀mejì, àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní SS2, pírọ́ọ̀dù ìṣirò méjì papọ̀ ló wà ní Ìṣẹ́gun, méjì papọ̀ ní Ọjọ́rú. Nítorí náà, pírọ́ọ̀dù ìṣirò mẹ́jọ ni wọ́n pàdánù. Iṣẹ́ ọ̀gbìn tó jẹ́ pé Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló wà pàdánù ẹyọ kan. Bí a bá kàn sún táàmù síwájú fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọjọ́ yóò padà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbèsè Ìṣẹ́gun kan àti Ọjọ́rú kan yóò sì ṣẹ́ kù, orí ìṣirò ni gbèsè náà yóò sì wúwo lé jù.

A wá ọjọ́ méjì. A rí Ọjọ́bọ̀ 19 Oṣù Kọkànlá, tí àwọn òbí máa ń wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, àti Ọjọ́ Ẹtì 27 Oṣù Kọkànlá, tí a fi ṣe ọjọ́ àṣà. Inú mi kò dùn láti fagi lé ọjọ́ àṣà. Àwọn ọmọ JSS2 ti ń kọ́ oríkì láti ìgbà tí a ti wọlé, àwọn kan ti rán aṣọ. Síbẹ̀ a fagi lé e, a sì pinnu pé ní 19, ètò iṣẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ó tẹ̀lé, ní 27, ti Ọjọ́rú. Ìdánwò tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní 30 Oṣù Kọkànlá di 7 Oṣù Kejìlá. Ìparí táàmù tó yẹ kó jẹ́ 11 di 18 Oṣù Kejìlá. Ọjọ́ márùn-ún láti inú ọ̀sẹ̀ tí a fi kún un, méjì láti inú ọjọ́ tí a gbà padà. Méje pé.

Ó dà bíi pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Àmọ́ ìṣirò àwa olùkọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti òbí. Nígbà tí mo bá ka létà kan lójú òbí, ohun mìíràn ni mo máa ń rí. Òbí fẹ́ mọ̀ bóyá owó á kún un. Táàmù tó gùn sí i ní ọ̀sẹ̀ kan, ṣé owó ọkọ̀ tuntun ni? Owó oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, òbí máa ń san owó oúnjẹ fún gbogbo táàmù lẹ́ẹ̀kan náà, ₦300 lójúmọ́. Ọjọ́ méje ni ọmọ kò jẹun tí a ti sanwó fún. Ọjọ́ márùn-ún ni a fi kún táàmù tí ọmọ yóò jẹun. Ó ku ọjọ́ méjì, ìyẹn ₦600, tó jẹ́ ti òbí. Ẹni tó ń bójú tó owó wa ní kí a má wulẹ̀ mẹ́nu bà á, owó kékeré ni. Mo kọ̀. Òbí tó ń ta ata mọ iye tí ₦600 jẹ́. A kọ ọ́ sínú létà pé a ó yọ ọ́ kúrò nínú owó oúnjẹ táàmù tó ń bọ̀. Owó ọkọ̀ kò yí padà, nítorí iye ọjọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ rìn kò ju iye tí wọ́n ti san lọ. Gbólóhùn méjì péré ni, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí fóònù mi dún ní ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni a máa ń fi kọ létà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní a ó fi Yorùbá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà náà. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ó gbà mí ní alẹ́ méjì, nítorí Yorùbá kò jẹ́ kí n fara pamọ́. Àwọn gbólóhùn tí mo ti ń lò fún ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń dún bí ọ̀rọ̀ ìjọba, kò ní ìtumọ̀ kan pàtó nígbà tí mo fẹ́ sọ wọ́n fún ìyá aláta. Mo ti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé a ti ṣe àtúntò sí kàlẹ́ńdà nítorí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ní Yorùbá, mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí a fi dípò.

Kíka ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ iye. Bí a bá ní ìjọ́ mẹ́jọ òní, tí òní bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ méje ni Gẹ̀ẹ́sì yóò kà á sí. Ọjà ọrọọrún náà, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì bí a bá fi ojú kàlẹ́ńdà ògiri wò ó. Nítorí náà, bí létà bá wí fún òbí ní Ọjọ́ Ajé pé kó wá gba èsì ìdánwò "ní ọjọ́ karùn-ún sí òní", Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá aláta yóò wá, ọmọ rẹ̀ tó kọ́ ìṣirò nílé ìwé yóò sì sọ pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Láti ìgbà náà ni mi ò ti kọ "lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì" tàbí "ní ọjọ́ mẹ́wàá òní" sínú létà kankan mọ́. Mo máa ń kọ orúkọ ọjọ́, mo máa ń kọ iye rẹ̀ nínú oṣù, mo sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí kàlẹ́ńdà bóyá méjèèjì bára mu. Bí létà bá sọ pé Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, tí 3 sì jẹ́ Ìṣẹ́gun, ìdajì yóò wá ní Ajé, ìdajì yóò wá ní Ìṣẹ́gun.

Ohun tó wà ní ojú Yorùbá létà náà nìyí, bí mo ṣe fi pamọ́ sínú fáìlì:

"Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú ewu ọjọ́ mẹ́ta yìí. A kí gbogbo ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tàbí tí dúkìá rẹ̀ bàjẹ́.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kọkànlá 2020. Létà tí a fún yín ní 19 Oṣù Kẹwàá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ tí a kọ sínú rẹ̀ kò tọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dárí jì wá, ẹ ya á dànù.

Ọjọ́ méje ni àwọn ọmọ pàdánù. Ìsinmi ààrin táàmù ti kọjá, kò ní sí òmíràn. Ní Ọjọ́bọ̀ 19 Oṣù Kọkànlá, ẹ jẹ́ kí ọmọ kó ìwé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá. Ní Ọjọ́ Ẹtì 27 Oṣù Kọkànlá, kí ó kó ti Ọjọ́rú wá. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kejìlá. Táàmù parí ní Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kejìlá.

Ẹ kò ní san owó kankan kún èyí tí ẹ ti san. ₦600 oúnjẹ ọjọ́ méjì jẹ́ tiyín, a ó yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ táàmù tó ń bọ̀.

Bí ọmọ kò bá lè wá ní ọjọ́ kìíní nítorí ọ̀nà tàbí nítorí ẹ̀rù, ẹ pe olùkọ́ kíláàsì rẹ̀. A kò ní fìyà jẹ ẹ́."

Gbólóhùn tó ní kí wọ́n ya létà àtijọ́ dànù, igbákejì mi kò fẹ́ ẹ. Ó ní kò bójú mu kí ilé ẹ̀kọ́ máa tọrọ àforíjì nínú ìwé. Mo sọ fún un pé bí a kò bá dárúkọ létà tí a ń pa rẹ́, létà méjì ni yóò wà nínú ilé, èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ ni wọn yóò sì gbà gbọ́.

Pípín in ló kù. Ọmọ kò sí nílé ìwé tí a ó fi lé lọ́wọ́. A gbé àwòrán rẹ̀ sórí Wáàsáàpù, a fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí gbogbo fóònù, a sì pín orúkọ ilé 38 yẹn fún àwọn olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí àdúgbò tí kálukú ń gbé. Wọ́n gbé bébà lọ sí ilé, sí ṣọ́ọ̀bù, sí ọjà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, 35 ti fọwọ́ sí i pé wọ́n gbà á. Ilé mẹ́ta ti kó lọ sí ìlú wọn.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló bọ́ sí i. Bàbá kan pè mí pẹ̀lú ìbínú pé òun ti sanwó ọkọ̀ ìdílé òun sí Kàbà fún 12 Oṣù Kejìlá, ìsìnkú ìyá òun ni, kò ṣeé sún. Mi ò lè fún un ní táàmù tó parí ní 11. Ohun tí mo lè ṣe ni pé ọmọ rẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe mẹ́rin tó kù nígbà tó padà dé. Àwọn ọmọ JSS2 kò sì ka oríkì tí wọ́n kọ́. Mo ṣì ń rántí ọ̀kan tó wá bá mi lọ́fíìsì pẹ̀lú aṣọ òfì rẹ̀ nínú ọ̀rá, tó ní ṣé òun lè kà á fún èmi nìkan. Mo ní kó kà á. Ó kà á parí.

Ní 2 Oṣù Kọkànlá, 187 wọlé nínú 214. Àwọn olùkọ́ kíláàsì pe ilé àwọn 27 tó kù ní ọjọ́ náà gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù.

A parí táàmù ní 18 Oṣù Kejìlá. Létà ìparí táàmù ní a ó wọlé ní 11 Oṣù Kìn-ín-ní 2021. Lẹ́yìn náà, nítorí àrùn Kòrónà tó tún ń ràn, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì títí di 18 Oṣù Kìn-ín-ní, ó kéré tán. Mo tún gbé orúkọ àwọn ilé 38 náà jáde. Èmi fúnra mi ni mo pe àwọn tó wà ní apá ọjà, ìyá aláta ni mo sì fi ṣíwájú. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ kú ọdún o. Ọjọ́ ìwọlé ti yí padà." Ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, Màdámù. Ẹ̀yin ni mo ń retí kí ẹ sọ ọ́."